Ìgò tó ti lu: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí fídíò kan n'Iléṣà

Àwọn àgbẹ̀ kòkó kan nítòsí Iléṣà ló gbé fídíò kan fún mi pé kí n fi ohùn Yorùbá sí i. Ìṣẹ́jú 9 ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, ó ń kọ́ni bí a ṣe ń fín oògùn kòkòrò àti ohun tó yẹ ká fi ike oògùn ṣe bó bá tán. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ látòkè délẹ̀, mo jókòó ti gbohùngbohùn, mo kà á tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó di ìṣẹ́jú 11 àtààbọ̀. Mo bá fi kọ̀ǹpútà sáré ohùn náà títí ó fi wọ inú ìṣẹ́jú 9. Ohùn mi wá dà bíi ti ẹni tí ajá ń lé, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fídíò, ó sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán.

Ọjọ́ tí a gbé e fún wọn wò, bàbá kan dá wa dúró. Lójú fídíò, wọ́n ń dá ihò sí ìdí ike kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó. Ohùn mi ní tirẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n bu omi sí ike náà dé ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan. Bàbá ní, "Ọmọ mi, omi wo ló fẹ́ dúró nínú ohun tó ti lu?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kí ohùn àti àwòrán jọ parí kò sọ pé wọ́n jọ rìn. Mo padà sílé, mo gé fídíò náà sí ègé ègé níbi tí àwòrán ti ń yí padà. Fún ègé kọ̀ọ̀kan, mo kọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe àti ìṣẹ́jú-àáyá tí ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ohun yòówù tí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, ó lè dúró.

Ẹ wo ibi tó le jù. Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n tó da omi tí wọ́n fi ṣan ike sínú táǹkì tí wọ́n fi ń fín oògùn, kí wọ́n rí i pé ìdérí le, kí wọ́n sì mì ín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tó gbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ìdérí ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń dé. Ìtumọ̀ mi àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú-àáyá 8. Àwòrán kò ju 5 àtààbọ̀ lọ. Mo gé e kúrú: "Ẹ dé e, ẹ mì í." Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, ó ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ mì yẹn? Oògùn kòkòrò?" Mo dúró sí. Lóòótọ́, mímì ike àti mímì oúnjẹ, ohùn kan náà ni! Mo dá orúkọ ike padà: "Ẹ dé e pinpin. Ẹ mi ike náà jìgìjìgì." Mo sún táǹkì sí ègé tó tẹ̀ lé e.

Àkọlé tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ àwòrán tún dá tirẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ọ̀já dúdú bo Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ "30 ìṣẹ́jú-àáyá" lé e. Ọ̀já náà kò gùn tó, "àáyá" bọ́ sísàlẹ̀, ó pòórá. Ohun tó kù ni "30 ìṣẹ́jú". Ta ló fẹ́ mi ike fún ààbọ̀ wákàtí? Mo fi "Ka 1 dé 30" rọ́pò rẹ̀, mo sì yí ohùn sí "ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n". Ó kúrú, àgbẹ̀ kò sì nílò aago lóko.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ègé yẹn lápapọ̀ ṣì fi bíi ìṣẹ́jú-àáyá 2 àtààbọ̀ gùn ju àwòrán lọ. N kò sáré ohùn mọ́, torí àmì ohùn Yorùbá máa ń lọ́ bí a bá sáré ohùn jù. Ègé 7 ni. Ìparí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbé ike kalẹ̀, ni mo fi ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà kan fún fídíò, dá dúró:

```
ffmpeg -i 07.mp4 -vf tpad=stop_mode=clone:stop_duration=2.5 -an 07b.mp4
```

Má dá àwòrán dúró níbi tí ọwọ́ ti ń mi nǹkan o. Yóò dà bíi pé fídíò há. Ẹ sì fi àkọlé sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn pátápátá. Èmi ti kọ́kọ́ to àkọlé kí n tó fa ègé gùn, ni gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ègé 7 bá ń yọjú ṣáájú àkókò wọn, mo sì tún gbogbo wọn tò.

Ọ̀rọ̀ ara ike oògùn fúnra rẹ̀ ni n kò fọwọ́ kàn. Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọn yóò bá lára rẹ̀ lọ́jà, nítorí náà ohùn ń pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó wá ń sọ ìtumọ̀. Nígbà tí a tún gbé e wò, bàbá yẹn kò dá wa dúró. Ó ń kà á lábẹ́lẹ̀ láti oókan, fídíò ti kúrò níbẹ̀ kó tó dé ọgbọ̀n.