Ẹ̀yìn Ìwé Ìwọ̀n Ni Mo Ti Rí I

Aránṣọ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákíè. Láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti lọ sílé ìwé ní Ìlọrin, èmi nìkan ni mo kù nílé. Kò pẹ́ sí i ni aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Mo ní àgbà ló ń dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní kí n má tíì dín oúnjẹ kankan kù, kí n kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2: aago tí mo jẹun, ohun tí mo jẹ, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó jẹ ẹ́, àti bí ebi ṣe ń pa mí tó, láti 0 dé 10. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo ń kọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n ka ti ọjọ́ Ẹtì kan fún yín. Aago 5 ìrọ̀lẹ́, oníbàárà kan ju búbà léèsì sórí tábìlì mi, ó ní mo ti ba aṣọ òun jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni ìnáwó. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tú u, mo tún un rán. Aago 6, mo jẹ ẹ̀wà àti gààrí, mo yó. Aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 20, mo wọlé, mo jẹ dùndú 6 àti ìdajì bùrẹ́dì lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣíìnì, n kò tilẹ̀ tan iná. Inú ọ̀rá rẹ̀ ni mo ti ń já bùrẹ́dì náà. Ebi: 2.

Mo kọ́kọ́ di gbogbo rẹ̀ ru oníbàárà yẹn. Àmọ́ nígbà tí mo ka ìwé náà tán, alẹ́ 9 nínú 14 ni mo jẹ irú ìjẹkújẹ yìí, ọjọ́ Ìsinmi tí ẹnikẹ́ni kò bá mi jà sì wà lára wọn. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé "ẹ kú àbọ̀, mà."

Ebi gidi máa ń yọ́ dé ni, ohun tó bá wà nílẹ̀ ló máa gbà, tí inú bá sì ti yó, ọwọ́ á kúrò nínú àwo. Èkejì yìí, tí àdáwà tàbí ìbínú ń fà, á dé lójijì, á ní bùrẹ́dì tàbí dùndú lòun ń fẹ́, ikùn á kún, ọwọ́ ò ní dúró. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi ni pé: ṣé màá jẹ ẹ̀kọ tútù lásán báyìí? Bí mo bá lè jẹ ẹ́, ebi ni. Bí mo bá yínmú sí i, nǹkan mìíràn ni.

Mo kọ́kọ́ ní n kò ní ra bùrẹ́dì sílé mọ́. Ẹsẹ̀ ara mi ló gbé mi lọ sí oríta lálẹ́ ọjọ́ kejì. Mo tún ní kí n má jẹun lọ́sàn-án láti fi dí ti alẹ́. Ìyẹn ló burú jù, nítorí nígbà tó bá fi máa di aago 7, ebi gidi àti àdáwà á ti para pọ̀, ta ló máa dá wọn lẹ́kun? Mo padà sídìí oúnjẹ ọ̀sán, aago 1 tàbí 2, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Ní ti àdáwà, n kì í lọ sílé tààrà mọ́. Mo máa ń yà sọ́dọ̀ ìyá tó múlé tì mí, à ń bó ẹ̀gúsí, à ń ṣàwàdà, ọwọ́ mi kò ráyè. Ọjọ́ tí wọn kò bá sí nílé, mo máa ń pe ọmọ mi kí n tó ti kọ́kọ́rọ́ bọlẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ ni mo fi ń wọlé. Ọjọ́ ìbínú yàtọ̀. Ẹ̀gúsí kò wo ìbínú sàn. Ìyẹn ni mo máa ń fẹsẹ̀ rìn délé láìgun ọ̀kadà, tí mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù bó ṣe rí gan-an. Bí ó bá ṣì ń ṣe mí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, mo máa ń bu oúnjẹ náà sínú àwo, màá tan iná, màá jókòó jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ nǹkan kan fún mi. Ẹni tó bá ń jẹ oúnjẹ tó pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò lè dá ara rẹ̀ dúró, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù 3, tàbí tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì í lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ tán, àìsàn ni, dókítà ló yẹ kó rí i, ẹ̀gúsí bíbó kò tó o.

Mo ṣì ń kọ ọ́. Ti ọjọ́ Àìkú tó kọjá nìyí: aago 8 alẹ́, dùndú 4, ọmọ kò gbé ìpè. Ebi: 3. Mo jókòó jẹ ẹ́.