Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa dídín eré kù nínú ooru Èkó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún máàrátọ́ọ̀nù Èkó ti oṣù Kejì, ẹ má ṣe wo ìwọ̀n ooru nìkan kí ẹ tó pinnu bí ẹ óò ṣe sáré tó. Òógùn tó jáde lára kọ́ ló ń tu ara, bí kò ṣe gbígbẹ tí ó bá gbẹ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, bí ó ti máa ń rí létí ọ̀sà wa, òógùn kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Yóò máa kán láti ìgbọ̀nwọ́ títí bàtà yóò fi rin gbingbin. Ọkàn náà yóò máa lù kíkankíkan, nítorí pé díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sí ẹsẹ̀ ní láti gba abẹ́ awọ lọ tú ooru jáde.

Ìṣirò tí mo ń lò kò le. Ẹ wo ìwọ̀n ooru lórí fóònù, ẹ wo ohun tí ó kọ sí `Dew Point`, ìyẹn ìwọ̀n ooru tí ìrì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, kí ẹ sì ro méjèèjì pọ̀ ní Fárẹ́náìtì. Bí àpapọ̀ wọn kò bá ju 100 lọ, kò sí ohun tí ẹ óò yí padà. Láti 141 dé 150, ẹ fi ìdá 3 sí 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún àkókò yín; láti 151 dé 160, ìdá 4.5 sí 6. Láti 161 dé 170, ìdá 6 sí 8. Bí ó bá ti kọjá 180, ẹ fi eré líle sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tí ń sáré kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 5 nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Bí ooru bá jẹ́ 79 ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí ìwọ̀n ìrì sì jẹ́ 75, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 154. Ìdá 5 ni èmi yóò fi kún un, èyí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15, kí kìlómítà kọ̀ọ̀kan lè di ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 15. Máàrátọ́ọ̀nù tí ìbá gbà á ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 31 yóò wá gbà á ní nǹkan bí wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 41 àbọ̀.

Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ooru lè gun dé 86 kí ìwọ̀n ìrì já wálẹ̀ sí 59. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 145, ó sì kéré sí ti àárọ̀ tí a kà sí tútù yẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó gbára lé ìwọ̀n ooru nìkan fi ń sáré jù ní ọjọ́ tó yẹ kó rọra.

Láti kìlómítà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti dín eré náà kù. Ẹni tó dúró di ìgbà tí nǹkan bá le koko ti kó ooru sára, dídín eré kù nígbà náà kò sì tètè lé e jáde.

Ìṣirò yìí kò ka oòrùn sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibòji kankan lórí afárá tó gba orí ọ̀sà láti Oworonṣòkí lọ sí Adéníjì Adélé. Bí oòrùn bá ti mú kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, òkè pátápátá nínú ìdá tí mo kọ ni kí ẹ mú, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀.