Ẹnu ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ìyá

Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì báyìí, ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń túmọ̀ fíìmù láti Faransé sí Yorùbá bíi tèmi, ẹ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń sọ: fíìmù kékeré, ìṣẹ́jú 18, wọ́n ní ká fi ohùn Yorùbá sí i, owó ò tó nǹkan, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fún wa l'Ájàṣẹ́ níbí. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan ló pẹ́ wálé, ìyá ẹ̀ bi í léèrè, ọmọ fèsì burúkú, ìyá bá a wí ní gbólóhùn mẹ́rin péré, ọmọ wọ yàrá lọ sunkún, ẹkún yẹn ló jẹ́ kí ìyá ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i ní kọlẹ́ẹ̀jì. Gbogbo fíìmù ọ̀hún, orí ìbáwí yẹn ló dúró lé.

Bí mo ṣe túmọ̀ ẹ̀ nìyí, mi ò ní fi pa mọ́: "Ó tó! Yí ohùn rẹ padà, ọmọ mi kékeré. Èmi kì í ṣe ọ̀rẹ́bìnrin rẹ. Lọ sí inú yàrá rẹ kí o sì lọ ronú sí ohun tí o ṣe." Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo fò nínú Faransé yẹn. Mo tiẹ̀ ń yangàn pé mo pé.

Kétu la ti kọ́kọ́ fi han àwọn èèyàn, nínú àgbàlá kan tí kò jìnnà sí Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yẹn. Aṣọ funfun la ta mọ́ ògiri, àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn ìyá àgbà wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ fíìmù yẹn yíjú sí ìyá ẹ̀, ó ní "O ò mọ nǹkan kan!" Gbogbo àgbàlá dákẹ́. Ìyá àgbà kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní "Háà!" Mo rí i pé gbogbo wọn ti na ọrùn, wọ́n ń dúró de ohun tí ìyá máa ṣe. Ni ìyá bá ní "Yí ohùn rẹ padà, ọmọ mi kékeré", ó ń sáré sọ ọ́ torí ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ìgbà tí ẹnu fi ń ṣí lójú àwòrán lọ. Àwọn kan ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tó wá dé "èmi kì í ṣe ọ̀rẹ́bìnrin rẹ", ọmọkùnrin kan pariwo níwájú pé "Ọ̀rẹ́bìnrin ẹ kọ́ o!", ẹ̀rín bá gba gbogbo ilé. Wọn ò sì tètè dákẹ́. Ọmọ yẹn ti wọ yàrá, ó ti kó ojú ẹ̀ sínú ìrọ̀rí, èjìká ẹ̀ ń mì, ẹkún yẹn ló yẹ kó fa omi lójú ẹni, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀. Ìyá tó bá wa fi ohùn sí ìyá inú fíìmù jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó fa etí gèlè ẹ̀ wá bo ẹnu, kò wo ojú mi títí fíìmù fi tán. Èmi náà ò lè wo ojú ẹ̀.

Inú bí mi, àbùkù yẹn dùn mí wọnú egungun, mo délé mo tún un kọ lóru. Mo ní ìyá yìí rọ̀ jù, mo wá kọ "Panu ẹ mọ́ níbẹ̀! Aláìnítìjú! Ṣé orí ẹ pé báyìí? Kúrò lójú mi!" Nígbà tí ìyá tó ń fi ohùn sí i kà á lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìwé sílẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ìyá ọmọ nìyí àbí orogún ìyá ẹ̀?" Ó ní òun ò ní sọ ọ́. Mo kọ́kọ́ bínú, àmọ́ òótọ́ ló sọ. "Dákẹ́" ni ìyá ń sọ fọ́mọ, "panu ẹ mọ́" ọ̀rọ̀ ìjà ni. Ìyá á bá ohun tọ́mọ ṣe wí, ẹni tó bá ti dé orí ọmọ, pé orí ẹ̀ pé àbí kò pé, ti kúrò nínú ìbáwí, ó ti wọ èébú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èpè.

Ibi tó yé mi sí nìyí, òun sì ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ eléyìí. Ẹnu ìyá kọ́ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ẹnu ọmọ ni. Nínú Faransé, "tú" lọmọ ń pe ìyá, "tú" nìyá ń pe ọmọ, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹnì kan. Èmi gbé "tú" yẹn, mo sọ ọ́ di "o" lẹ́nu ọmọ ọdún 15 sí ìyá tó bí i! Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú Faransé ò tó bẹ́ẹ̀, ọmọ yẹn kàn fi ìbínú sọ̀rọ̀ ni, èmi ni mo sọ ọ́ di ọmọ tó ya pòkíì. Lẹ́yìn "o" yẹn, kò sí ìbáwí kúkúrú tó lè tó mọ́. Tí ìyá bá rọra sọ̀rọ̀, á di aláwàdà. Tó bá sì sọ èyí tó tó ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, á di òǹrorò. Ìdí tí mo fi bọ́ sínú méjèèjì nìyẹn. Mo wá tún ti ọmọ kọ: á ní "Kò lè yé yín láé, màmá!", á sì fi ohùn líle sọ ọ́. "Yín" yẹn ò dín ìbínú ẹ̀ kù, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tiyín nílé. Àwọn kan á ní mo sọ ọmọ yẹn di jẹ́ẹ́jẹ́, irọ́ ni. Ọmọ wa lè fi "ẹ" rínni fín dáadáa.

Bí mo ṣe tún ẹnu ọmọ ṣe, ti ìyá ò gbà mí ju ìdajì wákàtí lọ: "Àlísì. Èmi lò ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀ yẹn? Ó tó. Wọlé lọ. Jókòó síbẹ̀ kó o rò ó."

Ó pe orúkọ, ó dúró díẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè tí kò retí èsì ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló rọ́pò "yí ohùn rẹ padà" àti "èmi kì í ṣe ọ̀rẹ́bìnrin rẹ" pa pọ̀, torí ohun kan náà ni méjèèjì ń wí ní Faransé, pé mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi kékeré" ní tiẹ̀, tí Faransé bá fi báni wí, ó ń ta ni. Ní Yorùbá, ìkẹ́ ni, mo yọ ọ́, orúkọ tó pè yẹn ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀. "Yàrá rẹ" náà lọ, ọmọ mélòó ló ní yàrá tiẹ̀ nílé wa? "Wọlé lọ" tó, ẹsẹ̀ ẹ̀ náà sì ń lọ síbẹ̀ lójú àwòrán.

Mo tún ka sílébù ẹ̀. Faransé yẹn tó bí 30, tèmi àkọ́kọ́ jẹ́ 43, ìdí tí ìyá fi ń sáré sọ̀rọ̀ nìyẹn, ta ni ìyá tó ń sáré sọ̀rọ̀ máa bà lẹ́rù? Èyí tuntun jẹ́ 27, ó kù díẹ̀ kó dọ́gba, ìyẹn ló jẹ́ kó ráyè dúró lẹ́yìn "Àlísì". Àmọ́ tí mo bá ka sílébù títí ilẹ̀ á fi mọ́ tí "o" yẹn ṣì wà lẹ́nu ọmọ, wọ́n á ṣì rẹ́rìn-ín.

Ìyá yẹn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wa, kò gbóhùn sókè rárá. Ọmọ mi obìnrin tó wá gbé oúnjẹ fún mi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, bó ṣe gbọ́ "Wọlé lọ", ó wọlé.