Táàbù etí ìwé BS 7671: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa rírí ẹsẹ òfin kíákíá nínú ìdánwò

Ìbéèrè 60 ló wà nínú ìdánwò 2382 tí àwọn oníṣẹ́ iná ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 2 sì ni àkókò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà kí ẹ gbé ìwé òfin wáyà, BS 7671, wọlé, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń tan èèyàn jẹ. Ìdáhùn wà nínú ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé náà lé ní 500 ojú ewé. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan wá ojú ewé kò ní ráyè ka ìbéèrè dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé a kì í lẹ táàbù síbi tí nọ́ńbà ti lè mú wa dé fúnra rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ 411.3.3. Nọ́ńbà 4 tó ṣíwájú ń sọ pé Apá 4 ni, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ààbò. 41 ni orí, ìyẹn ààbò kúrò lọ́wọ́ kí iná gbé èèyàn. 411 ni ìpín inú orí náà, ìyókù sì ni ẹsẹ. Tí ẹ bá ti mọ èyí, táàbù kan níbẹ̀rẹ̀ Apá kọ̀ọ̀kan ti tó, ọwọ́ yín á máa ṣí ìyókù bí ẹni ń ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Apá 7, tó dá lé àwọn ibi tó yàtọ̀ bíi ilé ìwẹ̀ àti ibi ìkọ́lé, ló ń da ọ̀pọ̀ rú, síbẹ̀ òun ló rọrùn jù. Ilé ìwẹ̀ ni 701. Tí ẹ bá rí 701.411.3.3, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé ìwẹ̀ ti fi nǹkan kún ẹsẹ 411.3.3 tàbí kó yí i padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí ẹ kọ́kọ́ ṣí Apá 7 nígbàkígbà tí ìbéèrè bá dárúkọ irú ibi bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó padà sí Apá 4 tàbí 5. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró sí Apá 4 á rí ìdáhùn tó dà bí òótọ́, ìdáhùn yẹn náà sì sábà máa ń wà lára mẹ́rin tí wọ́n tò sílẹ̀.

Àtẹ ni táàbù wà fún. Nọ́ńbà àtẹ kì í sọ ju orí tó wà lọ. Àtẹ 41.3 wà ní orí 41, ó parí. Ojú ewé wo? Ẹ máa ṣí i títí ni. Táàbù tí mo kà sí dandan ni 41.1 fún àkókò tí iná gbọ́dọ̀ fi já, 41.2 fún fíúsì, 41.3 fún búrékà, 54.7 fún ìwọ̀n wáyà ilẹ̀, àti 64 fún àyẹ̀wò ara wáyà. Nínú Àfikún 4, ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ 4Ab, 4B1, 4C1 àti 4D5. Ẹ fi ọ̀kan sí ìbẹ̀rẹ̀ atọ́ka ẹ̀yìn ìwé pẹ̀lú. Nọ́ńbà ẹsẹ ni atọ́ka yẹn ń fúnni, kì í ṣe nọ́ńbà ojú ewé, nítorí náà kò wúlò fún ẹni tí kò mọ bí nọ́ńbà ṣe ń rìn.

Kí ẹ má lé e ju bí i 20 lọ. Gíga ìwé náà kò ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Táàbù ike tóóró tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12 kò lè ju 24 lọ létí ìwé kí ọ̀kan tó bo èkejì, èyí tí wọ́n bá sì ti bò mọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Ẹ tò wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ìwé ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ti Àfikún 4 ni kí ẹ lẹ sí orí ìwé lókè, kí ojú lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ kọ nọ́ńbà àtẹ sí i níwájú àti lẹ́yìn, nítorí pé nínú ìdánwò, ẹ ó máa ṣí ìwé láti ẹ̀yìn wá síwájú náà. Ẹ jìnnà sí táàbù bébà. Ó ń ká, ó sì ń já tí ẹ bá ti ṣí i fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìbéèrè kan. Wáyà pẹlẹbẹ 6 mm², tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri ní tààrà, gùn ní mítà 30, ó sì ń gbé 32 ámpù. Fóltì mélòó ló máa sọnù lójú ọ̀nà, ṣé òfin gbà á? Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ta yín jí ni "pẹlẹbẹ", 4D5 nìyẹn. Ẹ wá ìlà 6 mm², kí ẹ lọ sí òpó tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ẹ ó rí 7.3 mV/A/m.

```
7.3 × 32 × 30 ÷ 1000 = 7.0 V
230 V × 5% = 11.5 V
```

Àtẹ 4Ab ló fún wa ní 5% yẹn fún ohun tí kì í ṣe iná gílóòbù. 3% ni ti gílóòbù. 7.0 kéré sí 11.5, òfin gbà á. Táàbù méjì ni ẹ lò, 4D5 àti 4Ab, ìyókù jẹ́ ìṣirò.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni kí ẹ ṣí 4D2 dípò 4D5. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì. Ní 4D5, 6 mm² tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lè gbé 47 ámpù. Ní 4D2, 46 ni. Ẹni tó bá ṣe ìbéèrè náà mọ̀ pé ẹ lè ṣìnà, 46 á sì ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè yín. Bákan náà ni 41.3: òpin ìdènà ojú ọ̀nà ilẹ̀ fún búrékà irú B ti 32 ámpù jẹ́ 1.37 óòmù, ti irú C jẹ́ 0.68. Ẹ fi àwọ̀ kan kun ìlà B, kí ẹ fi òmíràn kun ìlà C.

Àtẹ ìṣáwárí tiyín, ìyẹn bébà kan tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí lápá òsì àti nọ́ńbà sí lápá ọ̀tún, dára fún ìgbáradì. Kí ẹ kọ ohun tí ìbéèrè máa ń sọ: "òjò ń pa á" lè mú yín lọ sí Àfikún 5, "kàn mọ́ ògiri" sí 4A2, "bọ́ńdì" sí 544. Ṣùgbọ́n kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ibùdó ìdánwò yín ohun tí wọ́n gbà. Ẹ má retí kí wọ́n jẹ́ kí bébà tó dá dúró wọlé. Ti àmì àwọ̀ àti táàbù ni kí ẹ bi wọ́n, nítorí ibùdó kan lè yàtọ̀ sí òmíràn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí bébà yẹn wọnú orí yín kí ọjọ́ tó pé.

Kí ẹ má sì gba táàbù tí wọ́n ti lẹ̀ sórí ìwé àtijọ́. Àtẹ àyẹ̀wò ara wáyà tó ń jẹ́ 64 nínú ẹ̀dà kejìdínlógún, 61 ló ń jẹ́ nínú ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín pé, ẹ ní kí ẹnì kan máa pe ọ̀rọ̀ fún yín, kó sì mú aago lọ́wọ́. Èyí tí ẹ kò bá rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ wò ó bóyá táàbù ni kò sí, tàbí ẹ kọ́kọ́ ṣí ibòmíràn. Tí ó bá jẹ́ èkejì, táàbù tuntun kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí bébà ìṣáwárí ni kí ẹ yí padà.