Ilẹ̀ tí wọ́n tà ni wọ́n pín fún wa

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà, mo fi díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi ra ṣíà 10,000 ní ilé-iṣẹ́ kan. Náírà 1.20 ni dífídẹ́ǹdì, ìyẹn èrè tí wọ́n pín fún wa, lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n yọ owó orí, ìdá 10 nínú 100, náírà 10,800 sì wọ àkáǹtì mi.

Mo ṣe ìṣirò kí ọkàn mi tó balẹ̀. Náírà 2 ni wọ́n kọ pé ṣíà kan jẹ lérè. Ẹ pín 1.20 sí 2, ìdá 60 nínú 100 ni. Ìyẹn ni pé wọ́n ṣì fi ìdá 40 sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́. Mo bá ti owó náà mọ́ ìnáwó ilé.

Ọdún kejì, kọ́bọ̀ 40 ni wọ́n pín. Náírà 3,600 péré ló dé ọ̀dọ̀ mi.

Àbúrò mi tó ń ṣe àkáńtáǹtì ní Ifẹ̀ wá kí mi, ó ní kí n gbé ìwé ìṣirò owó ọdún àkọ́kọ́ wá. Ó fi ìka tọ ìlà kan báyìí: èrè láti ara ilẹ̀ tí wọ́n tà. "Ẹ̀gbọ́n, nínú náírà 2 yẹn, 1.10 ti ibí wá. Ṣé wọ́n á tún ilẹ̀ yẹn tà lọ́dún tó ń bọ̀ ni?"

Kọ́bọ̀ 90 ló kù tó jẹ́ èrè iṣẹ́ wọn gan-an. Ẹ pín 1.20 sí 0.90, ó lé ní ìdá 133 nínú 100. Ohun tí wọ́n pín ju ohun tí iṣẹ́ wọn mú wá lọ. Ọdún kejì tí kò sí ilẹ̀ mọ́, kọ́bọ̀ 85 ni èrè, wọ́n pín 40, ìdá 47. Kọ́bọ̀ 40 tó dùn mí yẹn ni agbára wọn ká.

Bàbá wa ṣe òṣómàáló. Aṣọ tí wọ́n bá tà láwìn ti di èrè nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ lápò títí wọ́n á fi lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé-iṣẹ́. Mo máa ń wo owó gidi tí iṣẹ́ wọn mú wọlé, màá yọ owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ. Bí ìyókù kò bá tó dífídẹ́ǹdì, owó ìpamọ́ tàbí ẹ̀yáwó ni wọ́n ń pín.

Ẹ má ṣe bi mí pé ìdá mélòó ló dára. Ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ ń tà déédéé lè pín ìdá 70 kó má mì. Èyí tí èrè rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ìdá 50 lè pọ̀ jù fún un. Nítorí náà, ọdún márùn-ún ni mo máa ń tò síra wọn wò.

Mi ò ta ṣíà náà. Kọ́bọ̀ 40 ni mo fi ń ṣètò báyìí.