Táńkì tó kún ló dí i: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tó ń gbé ráútà kalẹ̀ n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin àbúrò, ó ti sú mi kí nẹ́tíwọ́ọ̀kù ṣe wótòwótò nílé oníbàárà, kí ẹ sì ní kó lọ ra ráútà mìíràn. Ráútà kì í sábà jẹ̀bi. Ibi tí ẹ gbé e sí ló jẹ̀bi. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù wọn agbára Wáífáì, n ò ní tún un kọ́ yín: -50 dBm dára gan-an, -67 tó fún ìpè fídíò, tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ju -80 lọ, wàhálà ló kù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ògiri. Búlọ́ọ̀kù 9 ínǹṣì tí a rẹ́ lójú méjèèjì ń jẹ agbára ìgbì, ó sì ń jẹ ti 5 GHz ju ti 2.4 GHz lọ. Òpó kọnkéré tó ní ọ̀pá irin nínú tún burú jù ú. Ṣùgbọ́n bí ìgbì ṣe wọ ògiri ni ẹ kì í wò. Bó bá wọ̀ ọ́ tààrà, 9 ínǹṣì ló máa là kọjá. Bó bá dagun wọ̀ ọ́, ọ̀nà tó máa rìn nínú búlọ́ọ̀kù kan náà á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbà tí ògiri nípọn sí i nìyẹn. Ìdí tí ráútà tí ẹ tì sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kì í fi í dé yàrá ìkẹyìn nìyí. Ẹ gbé e sí ẹnu kọ́rídọ̀, níbi tó ti máa rí ẹnu ilẹ̀kùn.

Ẹ wo páànù náà. Irin kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá, ńṣe ló ń dá a padà. Nítorí náà, ráútà onísíìmù tí ẹ fi pamọ́ sókè sìlíńgì kò ní rí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kù dáadáa, ooru abẹ́ páànù yóò sì máa bá a jà. Ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó ni RSRP, ìyẹn agbára ìgbì tó ń ti òpó wá, ti máa ń dára jù. Ẹ gbé e dé fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ti táńkì ló ń dùn mí jù. Ẹ gbọ́ ti ilé kan ní Bódìjà. Ráútà wà lójú fèrèsé ilé ìdáná, ilé kékeré tó wà lẹ́yìn sì jìnnà sí i ní nǹkan bíi mítà 15. Táńkì 2,000 lítà wà láàárín àgbàlá, lórí pèpéle búlọ́ọ̀kù. Ọ̀sán ni ọmọ iṣẹ́ wọn ọ́n: -64. Ó gba owó, ó lọ. Iná ọba kò sì sí láti ọjọ́ méjì, táńkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lálẹ́, iná dé, pọ́ọ̀ǹpù fa omi kún un. Ní àárọ̀, -85.

Ike táńkì kò dí nǹkan kan. Omi inú rẹ̀ ni. Omi tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 péré lè jẹ ju 20 dB lọ lára ìgbì 2.4 GHz, táńkì yẹn sì fẹ̀ ju mítà kan lọ. Èyí tó bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, ìwọ̀nba tó yí ẹ̀gbẹ́ gbà tàbí tó ta bá ògiri ni.

Kí ni ọmọ iṣẹ́ ṣe? Ó yí ṣánẹ́ẹ̀lì padà, kò gbọ́. Ó ta rìpítà fún oníbàárà, ó gbé e sínú ilé kékeré náà gan-an. Rìpítà tó ń gbọ́ -85, kí ló fẹ́ tún sọ? Ọ̀sán ló sì ń wá wọn nǹkan, nígbà tí wọ́n ti fọ aṣọ tí omi sì ti fà. Owó rìpítà wọgbó, oníbàárà kò sì pè é mọ́.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni àyẹ̀wò náà. Kí táńkì kún, kí ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí ẹ wá máa sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí -86 bá fò sókè di -63 láàárín ìgbésẹ̀ méjì, òjìji táńkì lẹ dúró sí. Àtúnṣe ilé yẹn kò ju wáyà mítà 20 lọ: ráútà kúrò ní ilé ìdáná, ó bọ́ sí fèrèsé yàrá ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà sì yẹ táńkì sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà náà fara kan etí táńkì o. Ìgbì kì í rìn bí okùn tín-ínrín. Fún mítà 15 lórí 2.4 GHz, ẹ fi àyè tó sẹ̀ǹtímítà 70 sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ìgbì àti etí táńkì. Lẹ́yìn èyí, -66 ni, omi kún tàbí kò kún.

Bí kò bá sí fèrèsé mìíràn, ẹ fa wáyà dé ilé ẹ̀yìn, kí ẹ so ó mọ́ ojú LAN ráútà kejì, kí ẹ fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì tí ti àkọ́kọ́ kò lò, kí ẹ sì pa DHCP rẹ̀.