Kíka àjà láti mọ gíga ilé: ohun tí ilé ọ́fíìsì kan ní Utako kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkọ́lé l'Ábújá, wọ́n ní kí n wá ṣírò gígùn ọ̀já bàbà tí yóò gbé àrá láti orí ilé ọ́fíìsì kan ní Utako wá sílẹ̀. Mo dúró ní òdìkejì títì, mo ka ipele mẹ́jọ, ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà 3, mo kọ 24 sílẹ̀. Ìgbà tá a so ọ̀já náà kọ́ láti òkè, ojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ló dúró sí. Ó kù díẹ̀ kó dín ní mítà 7.

Ilé gbígbé ni mítà 3 bá mu. Ilé ọ́fíìsì nílò àyè láàárín sílíìnì àti dẹ́kìn òkè rẹ̀, níbi tí páìpù amúlétutù àti wáyà ń gbà kọjá, nítorí náà ipele kan sábà máa ń tó mítà 3.6 sí 4. Ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń gba àlejò tún máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo padà wọlé, mo ka àtẹ̀gùn. Láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí èkejì, ẹsẹ̀ máa ń gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún, sẹ̀ntímítà 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: mítà 3.6 nìyẹn. Láti ìsàlẹ̀ sí àkọ́kọ́, ọgbọ̀n ni: mítà 4.5. Ẹ ka ìgbà tí ẹsẹ̀ yín gòkè tó fi kan dẹ́kìn gan-an. Ẹni tó bá fi ìgòkè ìkẹyìn sílẹ̀ ti sọ sẹ̀ntímítà 15 nù ní gbogbo ipele. Ìṣirò náà wá di báyìí:

```
7 x 3.6 = 25.2
25.2 + 4.5 + 1.2 = 30.9
```

Mítà 1.2 yẹn ni ògiri kúkúrú tó yí orí ilé ká. Nígbà tí mo dúró ní òdìkejì títì, mi ò rò ó mọ́ ọn rárá.

Bí wọn ò bá tíì rẹ́ ilé náà, ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù wa ga tó sẹ̀ntímítà 22.5, àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì tó wà láàárín wọn sì tó 2.5, nítorí náà ìlà mẹ́rin jẹ́ mítà kan. Àmọ́ ẹ fi gíga bíìmù kún un, torí kò sí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀ tí ẹ máa kà.

Ẹ tún bi ẹni tó bá pe iye fún yín bóyá ó ka ìsàlẹ̀. Bí ọ̀gá bíríkìlà bá ní "pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méje", ipele mẹ́jọ ló sábà ń sọ. Ilé tí gíláàsì bò látòkè délẹ̀ ń tanni jẹ lọ́sàn-án. Ẹ lọ wò ó lálẹ́ tí iná bá tàn, ẹ ó rí ibi tí dẹ́kìn kọ̀ọ̀kan gbà kọjá. Ní Asokoro àti àwọn ibòmíràn tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, ilé lè ní ipele mẹ́rin níwájú, kó ní márùn-ún lẹ́yìn. Ẹ mọ ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀já ń gbà sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó kà á, ẹ sì ju téèpù sílẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó ra bàbà.